Ìdáhùn Tí Wọ́n Kàn Mọ́lẹ̀

Ní ọdún tó kọjá, ariwo kan gbòde nínú ìjọ wa ní Dagenham. Wọ́n ní ẹnì kan wà ní àwọn ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pín ilé fún ènìyàn, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa ṣí fọ́ọ̀mù àwọn ènìyàn wa lórí kọ̀ǹpútà, kó pa "bẹ́ẹ̀ ni" tí wọ́n kọ rẹ́, kó fi "rárá" sí i. Ìyá Fèyí ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, bó bá sì sọ ọ̀rọ̀ tí a kò tètè ṣe àmín sí i, á tún un sọ ní ohùn òkè. Ó ní Jímọ̀ tó ń gbé òdìkejì ilé òun kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ọmọ mẹ́ta lòun bí, ṣùgbọ́n nígbà tí fọ́ọ̀mù dé ọ́fíìsì, ọmọ kan ló kù níbẹ̀.

"Àwọn méjì yòókù ń kọ́?" ni Ìyá Fèyí bi wá. "Ṣé odò Thames ló gbé wọn lọ ni?"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn. A kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tán, a kò sì lè sọ pé irọ́ ni. Ẹni tí ọ́fíìsì bá ti kọ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ó sàn fún un kó gbà pé ọ̀tá kan jókòó síbẹ̀ tó ń ṣe é, ju kó gbà pé kò sẹ́ni tó wo ojú ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Ọ̀tá ṣeé gbàdúrà lé lórí. Ta ni yóò gbààwẹ̀ nítorí ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun wà láyé?

Ìyá Fèyí ní ìwòsàn rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ má fi fọ́ọ̀mù yín ránṣẹ́ ní ṣíṣí mọ́," ó ní. "Ẹ lọ bá Gbádégẹṣin tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Heathway, kó bá yín kàn án mọ́lẹ̀. Bó bá ti kàn án mọ́lẹ̀, bí Sátánì fúnra rẹ̀ bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kò ní lè yí lẹ́tà kan padà."

Ọmọ́ṣọlá wà ní ìjókòó kejì lọ́jọ́ náà, nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ṣe àmín pẹ̀lú wa. Ó gbà á gbọ́ ní ìlàjì. Ìlàjì náà ló sì tó.

Bí ẹ kò bá mọ Ọmọ́ṣọlá, ẹ ti jẹun lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí kí ọmọ yín ti jẹ. Ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ kan ló ti ń ṣiṣẹ́, nílẹ̀ Becontree níbẹ̀, láti ìgbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti kó kúrò ní Peckham. Ọmọ méjì ló bí, Dárasími àti Olúwaṣẹ́gun, àwọn méjèèjì ti tó ilé gbé, wọ́n sì ti lọ gbé e, ọ̀kan ní Manchester, ọ̀kan ní Leeds, níbi tí wọ́n ti ń fi fóònù tọ́jú òbí. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti bí i. Kàtíkíìsì ni bàbá rẹ̀, ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ yá ọkọ́ lọ́wọ́ ẹni, á kọ́kọ́ kí onítọ̀hún, á kí ìyàwó, á kí ọmọ, á béèrè ara ewúrẹ́, kí ó tó dárúkọ ọkọ́. Ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ ṣáájú ìkíni, ẹni tí kò nílé ni.

Ọmọ́ṣọlá kò gbàgbé ẹ̀kọ́ náà. Òun ló ń bá ìjọ kọ lẹ́tà. Nígbà tí owó yàrá ìjọsìn wa bá pẹ́, òun ni yóò kọ̀wé sí onílé, òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Peter. Ojú ìwé kìn-ín-ní á jẹ́ kìkì ìkíni: a kí yín fún òtútù, a kí yín fún iṣẹ́ ilé tí ẹ ń tún ṣe, a gbọ́ pé eékún ń dun ìyàwó yín, Ọlọ́run á fọwọ́ tọ́ ọ. Ojú ìwé kejì ni gbèsè máa ń wà. Wọ́n ní Peter máa ń ka ojú ìwé kìn-ín-ní sókè sí ìyàwó rẹ̀ létí, kò sì fìgbà kan lé wa jáde. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ fún Ọmọ́ṣọlá pé ìkíni kì í ṣiṣẹ́ ní ìlú òyìnbó. Ó ti rí i tó ṣiṣẹ́.

Ọkọ rẹ̀ ni Sámúẹ́lì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ó gun ọ̀nà Barking títí tó fi mọ ẹni tó ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn nípa ìró bàtà nìkan. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú un ní apá òsì, ó sì sọ ọ́ di èrò orí kẹ̀kẹ́. Àjà kẹrin ni wọ́n ń gbé ní Becontree Heath. Lífíìtì kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà, ìwà rẹ̀ sì dà bí ti ọ̀rẹ́ olówó: ọjọ́ tí o kò bá nílò rẹ̀ ló máa ń wà nílé. Bí Sámúẹ́lì bá ní àdéhùn lọ́dọ̀ dókítà, Ọmọ́ṣọlá á kọ́kọ́ bá lífíìtì gbàdúrà.

Lọ́jọ́ kan nígbà ẹ̀rùn, Olúwaṣẹ́gun wá kí wọn, lífíìtì sì gbọ́ràn, ló bá ti bàbá rẹ̀ lọ sí Barking Riverside láti lọ wo ọkọ̀ ojú omi. Ní ẹsẹ̀ ilé tuntun kan níbẹ̀, Sámúẹ́lì rí ọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ bíi tirẹ̀, tó ṣí ilẹ̀kùn ara rẹ̀, tó yí kẹ̀kẹ́ jáde sí ojú oòrùn, tó tún yí i padà wọlé lọ mú fìlà rẹ̀. Sámúẹ́lì wò ó bí ẹni ń wo iṣẹ́ ìyanu.

"Ìyá Dárasími," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tó délé, pẹ̀lú ẹnu tó wọ́ sápá kan, "ọkùnrin yẹn gbàgbé fìlà, ó sì padà lọ mú un."

Ọmọ́ṣọlá kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Ìgbà tó yá, ẹgbẹ́ kan tó ń fi ilé háyà fún àwọn aláìlera kéde pé ilé ìsàlẹ̀ kan máa ṣófo nítòsí ibẹ̀. Fọ́ọ̀mù ni kí ènìyàn kọ, PDF ni, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Ìdílé kan, fọ́ọ̀mù kan. Ìgbìmọ̀ kan ni yóò kà á, wọn yóò sì fún ọ̀rọ̀ oníkálukú ní máàkì. Ìwé dókítà kò tíì kàn, àwọn tó bá yege nípele kìn-ín-ní ni wọn yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ́ṣọlá gbé laptọ́ọ̀pù àlòkù tí Dárasími fi sílẹ̀ ka orí tábìlì. Ó fi omi àdúrà wọ́n igun tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò wọ́n kọ̀ǹpútà, nítorí Dárasími ti kìlọ̀ fún un láti ìgbà tí èyí tó ṣáájú ti kú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Gbogbo àpótí inú fọ́ọ̀mù ló ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, bí o bá tẹ inú rẹ̀, igi tínrín kan á máa ṣẹ́jú níbẹ̀ títí o ó fi kọ̀wé. Orúkọ, ó kọ ọ́. Àdírẹ́sì, ó kọ ọ́. Ṣé ẹnì kan wà nínú ilé tí kò lè rìn dáadáa? Ó fi àmì sí bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà náà ló dé àpótí keje. Wọ́n ní: ẹ sọ fún wa ìdí tí ẹ fi nílò ilé yìí.

Ó kọ́kọ́ fi ògo fún Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí gbogbo wa sí. Ó kí ìgbìmọ̀, ó kí wọn kú iṣẹ́, ó kí wọn kú làálàá ìwé kíkà. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ kú" tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Ọmọ́ṣọlá wá ọ̀nà fún un. Ó gbàdúrà fún àwọn ọmọ wọn. Ó sọ irú ẹni tí bàbá òun jẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe ilé alágbe ni òun ti wá. Nígbà tó ṣe gbogbo ìyẹn tán ló wá kọ ọ́ pé: "Ọkọ mi, Sámúẹ́lì," ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ohun tó kọ tẹ̀lé e, kò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ rí. Ó kọ ọ́ pé Sámúẹ́lì kì í mumi tó mọ́, kí òun ìyàwó má baà máa gbé e lọ gbé e bọ̀. Ó kọ nípa ọjọ́ tí lífíìtì dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú rẹ̀ nínú, tó ń sunkún, tó ń fi orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú pe òun. Ó kọ ọ́ pé ọkùnrin tó fi bọ́ọ̀sì gbé gbogbo Barking kiri bi òun lórí ibùsùn pé, ṣé inú pósí ni òun máa wà kí òun tó tún fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ń kọ, ó ń nu ojú. Bó ṣe ń kọ ọ́ ni àwọn ìlà òkè ń yọ́ lọ sókè, tí àyè ń ṣí nísàlẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù náà pé ó jẹ́ ọlọ́yàyà ènìyàn. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ènìyàn kì í kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó jáde kúrò nínú àpótí náà, ìkíni rẹ̀ tún padà sókè, àpótí kún dẹ́múdẹ́mú, àmì ìròpọ̀ kékeré kan (+) sì yọ ní igun rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ohun tí àmì náà ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ tí ojú kò rí. Ṣùgbọ́n Ọmọ́ṣọlá wò ó, ó rí àgbélébùú.

"Sámúẹ́lì!" ó pariwo. "Olúwa ti fọwọ́ sí i!"

"Níbo?" ni Sámúẹ́lì béèrè láti yàrá.

"Nínú àpótí keje!"

Ní ọjọ́ kejì, ó fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ sí íméèlì Gbádégẹṣin, ó sì wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a ní Heathway. Gbádégẹṣin kì í ṣe ará ìjọ wa. Ìjọ kan tó ń fi sípíkà bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ní Barking ló ń lọ. Ọkùnrin onírẹ̀lẹ̀ ni, ó ń ta káàdì fóònù, ó ń ya fọ́tò ìwé ìrìnnà, ó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Ìlànà kan ló ní tó máa ń fi yangàn: kì í ka ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ń kí ẹ. Gbádé, wá bá mi kàn án mọ́lẹ̀. Kàn án dáadáa o. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ibi kan fà yọ."

"Flatten lẹ ń sọ. Gbogbo ẹ̀yin aláṣọ funfun, kàn án mọ́lẹ̀, kàn án mọ́lẹ̀. Ṣé káfíńtà ni mí ni?"

"Jésù ńkọ́? Kí lo rò pé ó ń ṣe ní Násárẹ́tì? Ó ń tẹ fọ́tò ìwé ìrìnnà?"

Gbádégẹṣin rẹ́rìn-ín, ó ṣí fọ́ọ̀mù náà. "Mọ́mì, ẹ gbọ́ kí n tó ṣe é. Báyìí, àpótí làwọn nǹkan wọ̀nyí. Ẹ lè wọnú wọn, ẹ lè yí i padà. Bí mo bá ti flatten ẹ̀, kò sí àpótí mọ́. Ohun tó hàn lójú báyìí ló máa lẹ̀ mọ́ ojú ìwé, bí ẹni fi íńkì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín ò ní lè yí i padà. Èmi náà ò ní lè ṣe é."

"Ohun tí mo ń wá nìyẹn."

Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ṣùgbọ́n dípò kó rán an sí ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kó tẹ̀ ẹ́ sínú PDF tuntun. Nígbà tí tuntun náà ṣí, àwọ̀ búlúù ti kúrò lára gbogbo àpótí. Ó ní kí Ọmọ́ṣọlá fọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò. Ọmọ́ṣọlá di eku kọ̀ǹpútà mú, ó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" tó wà lórí ọ̀rọ̀ rírìn. Kò mì. Ó tẹ inú àpótí keje, igi tínrín tó máa ń ṣẹ́jú kò yọ. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹni ń fa ilẹ̀kùn tó tì, láti mọ̀ bóyá ó tì lóòótọ́.

"Àmín," ó wí. Ojú rẹ̀ wá lọ sí igun àpótí náà. "Gbádé, àgbélébùú mi dà?"

"Àgbélébùú wo?"

"Èyí tó wà ní igun ibí yìí. Kékeré."

Obìnrin kan wà lẹ́yìn wọn tó ń fẹ́ ya fọ́tò ọmọ ọwọ́, ọmọ náà sì ń ké. "Áà, ìyẹn," ni Gbádégẹṣin dáhùn láì yíjú padà, "nǹkan ojú kọ̀ǹpútà nìyẹn. Kì í bá ìwé jáde."

Ọkàn Ọmọ́ṣọlá kò balẹ̀ díẹ̀. Ó tún wo àpótí náà, ó kún fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe kún nílé, ó rí ògo Ọlọ́run lókè, ó rí ìkíni nísàlẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Ta ló ń ka ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ?

"Èyí tó ṣì ṣí," ó ní, "ibo ló wà?"

"Ó wà níbí. Ẹ tọ́jú ẹ̀ o, Mọ́mì. A kì í ju èyí tí a kọ́kọ́ kọ nù."

"Pa á rẹ́."

"Mọ́mì."

"Gbádégẹṣin, mo ní kí o pa á rẹ́. Bí wọ́n bá rí èyí tó ṣí mú, kí ni èyí tí a tì fẹ́ ṣe fún mi? Ṣé ènìyàn á ti ilẹ̀kùn iwájú kó ṣí tẹ̀yìn sílẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ àgbà ni, Gbádégẹṣin sì jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́. Ó pa á rẹ́ lójú rẹ̀, ó pa á rẹ́ nínú íméèlì, ó da agbọ̀n ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà nù. Nígbà tí Ọmọ́ṣọlá délé, ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí tirẹ̀ náà. Ó fi èyí tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ ránṣẹ́, ó sì gbààwẹ̀.

Ìdáhùn dé nígbà tí òtútù ti mú. Ìgbìmọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì kábàámọ̀. Ilé náà ti lọ. Ní ti ìdí tí ìdílé rẹ̀ fi nílò rẹ̀, òfo ni wọ́n fún un, nítorí kò sọ ìdí kankan.

Ó ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, ó wọ bàtà. Ìyá Fèyí ti sọ ọ́. Wọ́n ti wọlé sínú rẹ̀!

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Jọmílójú ló jáde bá a ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n nígbà tó rí orúkọ Ọmọ́ṣọlá lórí ìwé, ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì, ìkúnlẹ̀ kékeré, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

"Ẹ káàsán, Mummy."

"Ọmọ mi, ta ló fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù mi?"

"Nobody, Mummy. A ò lè fọwọ́ kàn án. Flattened ló wá. Ẹ wá wò ó."

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Àpótí keje ló wà níbẹ̀. Ọmọ́ṣọlá kà á láti òkè. Ògo ni fún Ọlọ́run. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú làálàá. Àdúrà àwọn ọmọ wọn, ó pé. Bàbá rẹ̀ kàtíkíìsì, ó pé. Ní ìlà tó kẹ́yìn, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó rí i: "Ọkọ mi, Sámúẹ́lì,". Ìlà àpótí ló tẹ̀lé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìbéèrè kẹjọ, tó ń béèrè bóyá wọ́n ní ajá.

"Ìyókù dà?"

"Ìyẹn náà la béèrè, Mummy. Gbogbo wa ń sọ pé, *your husband what?* Ọ̀gá wa ní àdúrà yín dára gan-an."

"Mo kọ ọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀."

Ó yé Jọmílójú kó tó yé Ọmọ́ṣọlá. "Ó gùn ju àpótí lọ, àbí? Ó ń yí lọ sókè bí ẹ ṣe ń kọ ọ́? Mummy, bí wọ́n bá flatten ẹ̀, ohun tó hàn nìkan ló máa kù. Èyí tó wà nísàlẹ̀ tí kò hàn, kò bá a wá." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ ṣe kọ ọ́, à bá tẹ inú àpótí yẹn, à bá yí i wálẹ̀, à bá kà á tán. Ojú kọ̀ǹpútà la ti ń kà wọ́n."

"Ní ṣíṣí?"

"Ní ṣíṣí, Mummy. Gbogbo ènìyàn ló ń fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ọmọ́ṣọlá béèrè bóyá òun lè sọ ìyókù báyìí, ní ìdúró. Jọmílójú ní ìgbìmọ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́yìn ìpinnu. Wọ́n lè tún un yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù tí ènìyàn fi ránṣẹ́ nìkan ni wọ́n máa tún yẹ̀ wò, àfi bí ó bá ní èyí tí kò tíì flatten lọ́wọ́, tó lè fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ẹ ṣì ní i, àbí? The original?"

Ọmọ́ṣọlá ní kí Ọlọ́run bù kún un, kó fún un ní ọkọ rere. Ó kí i kú iṣẹ́, ó ní kó bá òun kí ìgbìmọ̀. Lẹ́yìn náà ló jáde, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Heathway.

Gbádégẹṣin kò ní kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó wá inú kọ̀ǹpútà, ó wá inú íméèlì, ó wá ibi tí ó ti dà á nù, kò sí. Ó ṣí èyí tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ inú àpótí keje, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ló sọ pé kò ní lè ṣí mọ́.

"Kò sí nǹkan lábẹ́ ẹ̀, Mọ́mì. Kì í ṣe pé ó fara pamọ́. Kò sí níbẹ̀ ni." Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Mo sọ fún yín pé kí ẹ tọ́jú ìkejì."

"O sọ ọ́."

"Mo sọ ọ́ o."

"Mo ní o sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo bi ẹ́ léèrè àgbélébùú."

Gbádégẹṣin tún gíláàsì rẹ̀ wọ̀, ó wo igun àpótí náà. Ó ti rántí. Ó ti mọ àmì náà fún ọjọ́ pípẹ́, ó mọ ohun tó ń sọ bí ènìyàn ṣe mọ ohùn aago ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ló ń ké lọ́jọ́ náà. "Mi ò kí ń ka ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, Mọ́mì," ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì yangàn mọ́.

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ilẹ̀kùn ṣí, Ìyá Fèyí wọlé pẹ̀lú báàgì ẹja méjì. Fọ́ọ̀mù tirẹ̀ ló fẹ́ kàn mọ́lẹ̀. Ó wo ojú Ọmọ́ṣọlá, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti gé.

"Yéè! Wọ́n ti gé e!" Ó ju báàgì sílẹ̀. "Ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Mo sọ ọ́, ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín! Ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ gbóná gan-an ni wọ́n ti fi ọ̀bẹ sí i!"

"Kò sẹ́ni tó gé e, Mọ́mì," ni Gbádégẹṣin wí. "Àpótí ló kéré. A flatten ẹ̀, ìyókù sì—"

"Ìwọ dákẹ́! Ṣé àpótí ló ń mọ ibi tí orúkọ ọkọ wà? Kí ló dé tí kò gé ìkíni? Kí ló dé tí kò gé àdúrà? Dá mi lóhùn! Ẹ̀rù àdúrà bà wọ́n, wọn ò lè fọwọ́ kàn án, ni wọ́n bá dúró de orúkọ Sámúẹ́lì!"

"Ìkíni ló wà lókè ni, Ìyá Fèyí! Ohun tó bá wà lókè ni—"

"Àbí ìwọ náà wà lára wọn? Ẹ̀yin tó ń fi ariwo gbàdúrà, ta ló mọ ohun tí ẹ ń bò mọ́lẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n máa kàn án mọ́lẹ̀! Ẹ̀yin! Fọ́ọ̀mù tí kò níṣòro kankan!"

"Ọmọ́ṣọlá, sọ fún un! Ó dọjọ́ Àìkú, o máa jáde síwájú ìjọ, o máa jẹ́rìí ohun tí wọ́n fojú ẹ rí. Sọ fún un pé wọ́n gé e!"

Àwọn méjèèjì yíjú sí i. Ó rọrùn láti sọ òótọ́ rẹ̀. Gbólóhùn kan ni, gbogbo ìjọ ì bá sì mọ̀ pé kò sí ọ̀tá kankan ní ọ́fíìsì yẹn, àfi ọmọbìnrin kan tó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, tó ń wá ìyókù ọ̀rọ̀. Ọmọ́ṣọlá ronú nípa Sámúẹ́lì tó jókòó sójú fèrèsé ní àjà kẹrin, tó ti ní kó bá òun mú fìlà òun tó ní àwọ̀ eérú sókè nínú àpótí aṣọ, kó má baà ṣòro wá nígbà tí wọ́n bá ń kó lọ. Ó ronú nípa ohun tí yóò sọ fún un bó bá délé, àti bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò rí ìkíni kankan tó bá a mu.

"Kó sọ òótọ́!" ni Gbádégẹṣin ń wí. "Mọ́mì, ẹ sọ òótọ́ fún wọn, pé èmi kìlọ̀—"

"Òótọ́ wo lo ní lẹ́nu? Níbo lo ti rí òótọ́?"

Ọmọ́ṣọlá gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó tẹ̀ síwájú, ó yẹra fún ẹja Ìyá Fèyí tó wà nílẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣì ń pariwo lé e lórí nígbà tó jáde sí Heathway, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì rí i pé kò kí àwọn pé ó dàbọ̀.